Ẹ Ní Kí Wọ́n Fi Òṣùwọ̀n Han Yín

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tí ẹ ń jí ní ìdájí ní Badore, Ṣàngótẹ̀dó àti Lángbàsà, tí ẹ ń wọ kẹ̀kẹ́ àti dánfó lọ sí Lẹ́kkí kí oòrùn tó yọ, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin nánì, ẹ̀yin dírẹ́bà, ẹ̀yin kúùkù, ẹ̀yin tí ẹ ń nu ilẹ̀ ọ́fíìsì àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ́ géètì. Ọ̀rọ̀ owó oṣù ni mo bá wá.

Bí ènìyàn méjì bá jọ ń wa bọ́ọ̀sì fún ilé-ìwé kan, gbogbo wa la mọ̀ pé kò yẹ kí owó wọn yàtọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ wa jẹ ni iṣẹ́ méjì tí kò jọra. Bí nánì bá bèèrè ìdí tí owó dírẹ́bà fi ju tirẹ̀ lọ, ìdáhùn tó máa ń gbọ́ ni pé iṣẹ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, kó yáa dákẹ́. Kò gbọdọ̀ dákẹ́. Iṣẹ́ méjì lè yàtọ̀ síra kí iye wọn sì dọ́gba, ọ̀nà sì wà tí a fi ń wọ̀n ọ́n.

Julie Hayward fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Kúùkù ni obìnrin yìí ní ilé-iṣẹ́ Cammell Laird tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní ìlú Birkenhead, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ́ṣẹ́ oúnjẹ sísè yanjú, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kéré sí ti kunlékunlé, káfíńtà àti ẹni tó ń fi nǹkan bo páìpù kí ooru má bàa jáde, tí gbogbo wọn jẹ́ ọkùnrin. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́. Wọ́n yan ẹnì kan tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ náà pé kó wo iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: agbára tí iṣẹ́ ń gbà lára, irú ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, ètò àti ìpinnu inú rẹ̀, ìmọ̀ tó ń fẹ́, àti ohun tó wà ní ìkáwọ́ òṣìṣẹ́. Nígbà tó wọ̀n wọ́n tán, ó ní iye wọn dọ́gba. Ọdún 1984 nìyẹn.

Àwọn ọ̀gá kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní obìnrin náà ń jẹun ọ̀fẹ́, wọ́n ń sanwó fún àkókò tó fi ń jẹun, owó àìsàn rẹ̀ sì dára ju ti àwọn ọkùnrin lọ, nítorí náà bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò rẹ̀yìn. Ẹjọ́ yìí gòkè títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ wọn. Ní 1988, àwọn adájọ́ ibẹ̀ sọ pé owó oṣù ni a ó fi wé owó oṣù, kì í ṣe pé kí wọ́n fi oúnjẹ ọ̀sán dí ihò tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n ń sọ fún pé "ṣebí a fún ọ ní yàrá, ṣebí o ń jẹun níbí," ẹ fi ìdájọ́ yìí sọ́kàn.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé e wá sí Ajah. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ilé-ìwé aládàáni kan ń san 120,000 náírà fún dírẹ́bà bọ́ọ̀sì, ó sì ń san 85,000 fún nánì tó ń tọ́jú àwọn ọmọ ọwọ́, tí iye wákàtí iṣẹ́ wọn sì jẹ́ ọgbọọgba. Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé dá ọ̀nà òṣùwọ̀n sí mẹ́rin: ìmọ̀, ojúṣe, agbára, àti ipò tí iṣẹ́ wà. Kí a tó wo iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, a ó kọ́kọ́ pín 100 sáàárín wọn. Ẹ jẹ́ ká fún ìmọ̀ ní 30, ojúṣe 35, agbára 20, ipò iṣẹ́ 15. Lẹ́yìn náà ni a ó wá fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 5.

Dírẹ́bà ní láti ní láísẹ́ńsì, kó mọ ọ̀nà, kó sì mọ ẹ́ńjìnnì díẹ̀. Ìmọ̀ rẹ̀ gba 4, ìyẹn 24 nínú 30. Ẹ̀mí ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, ó gba 4 fún ojúṣe, ìyẹn 28. Agbára gba 3, ìyẹn 12. Sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ojú ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ àti ewu ọkọ̀ mú kí ipò iṣẹ́ gba 4, ìyẹn 12. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 76.

Nánì gbọ́dọ̀ mọ ìmọ́tótó, kó mọ ìgbà tí ara ọmọ gbóná, kó mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe bí oúnjẹ bá há ọmọ lọ́fun. Ẹ jẹ́ ká fún un ní 3, ìyẹn 18. Ọmọ tí kò lè sọ ibi tó ń dùn ún wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti àárọ̀ títí òbí yóò fi dé, kò sì sí ìṣẹ́jú kan tó lè gbójú kúrò. Ìyẹn gba 5 fún ojúṣe, ó di 35. Ó ń gbé ọmọ, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń dìde, ó ń rẹ ọmọ lẹ́kún: 4, ìyẹn 16. Ìgbẹ́, èébì àti àìsàn tó ń ràn mú kí ipò iṣẹ́ gba 3, ìyẹn 9. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 78.

76 àti 78 kò jìnnà síra. Kí ni 35,000 náírà wá ń ṣe láàárín wọn?

Ẹ ṣọ́ra o, nítorí òṣùwọ̀n ṣeé yí. Bí ọ̀gá bá ka ẹrù àpótí sí agbára tí kò ka gbígbé ọmọ sí, ó ti yí i. Bó bá pe ìtọ́jú ọmọ ní ohun tí a bí mọ́ obìnrin, tó sì fún ìmọ̀ rẹ̀ ní 1, ó ti yí i. Bó bá kọ́kọ́ wo owó tó ń san tẹ́lẹ̀, kó tó wá pín 100 náà kó lè bá owó yẹn mu, ó ti yí i pátápátá. Iṣẹ́ ni a sì ń wọ̀n, kì í ṣe ẹni tó ń ṣe é. Ọ̀lẹ dírẹ́bà tàbí nánì tó yá mọ́ni kò sí nínú ìṣirò yìí. Nítorí náà ni kò fi yẹ kí ọ̀gá nìkan dá wọ̀n ọ́n. Ẹ ní kí nánì àti dírẹ́bà jókòó níbẹ̀, kí ẹ rí ìwé tí wọ́n kọ máàkì sí.

Òfin ńkọ́? Abala 17 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé owó dídọ́gba ni fún iṣẹ́ tó dọ́gba, láìwo ti akọ tàbí abo. Ṣùgbọ́n abala 6 kò jẹ́ kí ènìyàn fi apá ibi tí gbólóhùn yẹn wà nìkan pe ìjọba tàbí ọ̀gá lẹ́jọ́. Ọ̀nà tó là gba inú Àdéhùn Nọ́ńbà 100 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 1974. Iṣẹ́ tí iye rẹ̀ dọ́gba ni ìyẹn dárúkọ, kì í ṣe iṣẹ́ kan náà nìkan. Abala 254C ìwé òfin Nàìjíríà sì fún Ilé Ẹjọ́ Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́, tó ní ẹ̀ka ní Ìkòyí, ní agbára láti lo irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ibi tó ṣì le ni ti ẹni tí kọntirátọ̀ gbà sí iṣẹ́. Bí ilé-ìwé bá ń sanwó dírẹ́bà, tí kọntirátọ̀ sì ń sanwó ẹni tó ń nu ilẹ̀, ó ṣòro láti fi owó ọ̀kan wé ti èkejì níwájú adájọ́. Èyí ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ìdúnàádúrà yanjú.

Ẹ̀yin dírẹ́bà, arákùnrin mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi èyí dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti àwọn nánì. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n gé owó yín. Bí wọ́n bá dábàá pé kí wọ́n fa 120,000 wálẹ̀ kí ó lè dọ́gba, ẹ̀yin àti nánì ni kí ẹ jọ kọ̀ ọ́.

Lọ́sẹ̀ yìí, kí olúkúlùkù kọ ohun tó ń ṣe láti ìgbà tó wọlé títí tó fi jáde sínú ìwé. Ẹ tọ́jú ẹ̀rí owó tí wọ́n ń san sínú àkáǹtì yín. Ẹ fi owó yín han ara yín. Ẹ wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́: abala 9 òfin iṣẹ́ kò gba ọ̀gá láàyè láti kọ ọ́ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ pé ẹ kò gbọdọ̀ wọ ẹgbẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹ jọ wọlé tọ ọ̀gá lọ, nánì àti dírẹ́bà pa pọ̀, kí ẹ sì bèèrè ohun tó fi wọn iṣẹ́ yín.