Aago Ọwọ́ Àkọ́kọ́ fún Ọmọkùnrin tí ó Gboyè

Nígbà tí ọmọkùnrin kan bá gboyè ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ọ̀pọ̀ ẹbí a máa fẹ́ fi aago ọwọ́ ta á lọ́rẹ. Àṣà yìí ti wà kí fóònù alágbèéká tó dé, kò sì tíì parẹ́, nítorí pé ibi púpọ̀ ni kò ti yẹ kí ènìyàn máa yọ fóònù wò. Olùkọ́ tí ó dúró níwájú kíláàsì, ẹni tí wọ́n pè láti wá fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò nítorí iṣẹ́, àti àgùnbánirọ̀ tí ó tò sórí pápá ní kùtùkùtù òwúrọ̀, gbogbo wọn ni aago ọwọ́ wúlò fún. Ṣùgbọ́n bí owó kò bá pọ̀, irú èwo ni ó yẹ kí a rà? Aago kékeré tí ń jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ sàn ju aago ńlá tí ó jí orúkọ ẹlòmíràn lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tí ń ránṣọ ní Ṣálẹ́ńjì ní ìlú Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Yàrá kan ní Agbowó ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń gbé títí ó fi gboyè ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó wà ní òdìkejì títì. Ká ní 40,000 náírà ni ẹ̀gbọ́n yìí rí kó jọ. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Dùgbẹ̀, níbi tí Ilé Kòkó tí wọ́n parí ní 1965 ga sí lókè àwọn ìsọ̀. Oníṣòwò kan gbé aago kan síwájú rẹ̀. Ó pọ́n bí wúrà, aago kéékèèké mẹ́ta wà nínú ojú rẹ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ kan ní Súwísálándì tí gbogbo ayé mọ̀ sì wà lára rẹ̀.

Oníṣòwò náà wí pé, "Àǹtí mi, ẹ wo bí ó ti ń kọ mànà! 35,000 náírà péré ni n óò gbà lọ́wọ́ yín."

Obìnrin náà dáhùn pé, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n rí ẹ̀yìn rẹ̀."

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni èyí, nítorí pé ẹ̀yìn aago ni ó ń kan ara ènìyàn, ibẹ̀ ni òógùn sì ń dúró sí. Aago gidi sábà máa ń ní àkọlé lẹ́yìn tí ó sọ irú aago tí ó jẹ́ àti irin tí wọ́n fi ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Irin tí kì í dípẹtà ni ó yẹ kí ó jẹ́. Kò sí àkọlé kankan lẹ́yìn aago oníwúrà yìí. Irin yẹpẹrẹ tí wọ́n fi omi wúrà pa lára ni. Bí òógùn bá ti ń bá a jà lójoojúmọ́, wúrà náà yóò kọ́kọ́ bọ́ ní etí àti ní ẹ̀yìn, irin tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ yóò sì dúdú. Nígbà tí obìnrin náà tẹ àwọn bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, abẹ́rẹ́ inú aago kéékèèké mẹ́ta náà kò mì rárá, nítorí pé ọ̀ṣọ́ lásán ni wọ́n. Kódà, bí kò bá wo ibì kankan, iye owó náà ti tó ẹ̀rí. Owó tí ojúlówó aago ilé-iṣẹ́ náà ń gbà kì í ṣe ẹgbẹ́ 35,000 náírà.

Àwọn kan yóò wí pé aago olówó pọ́ọ́kú kò lè sọ àkókò bí ó ti yẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìdí láyé àtijọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé irin wíwé tí a ń fọwọ́ yí ni ó ń mú aago ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá, ọdún 1969, ilé-iṣẹ́ Séíkò ní Jàpáánù bẹ̀rẹ̀ sí í ta aago ọwọ́ àkọ́kọ́ tí ó ń lo òkúta kúọ́tìsì. 450,000 yẹ́nì ni wọ́n ń tà á, owó tí ó súnmọ́ ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ nígbà náà. Bí iná bátìrì bá ti kan òkúta yìí, a máa gbọ̀n láìyẹsẹ̀. Nínú àwọn aago òde òní, a máa gbọ̀n ní ìgbà 32,768 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Aago náà yóò máa kà á, bí iye náà bá sì ti pé, yóò sún síwájú ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òkúta yìí ti di ohun tí kò wọ́n mọ́, irú kan náà ni ó sì wà nínú aago olówó àti ti tálákà.

Nítorí náà, obìnrin náà béèrè fún Kásíò F-91W, aago ike dúdú tí ó jáde ní 1989. Kò wúwo ju 21 gíráàmù lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, bátìrì rẹ̀ sì lè lo ọdún méje. Èyí ṣe pàtàkì fún ọmọ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó oṣù. Òótọ́ ni pé ike ni, ṣùgbọ́n bí ó bá wà lábẹ́ apá ẹ̀wù gígùn, kò sí ọ̀gá tí yóò tìtorí rẹ̀ kọ ẹni tí ó mọ iṣẹ́.

Síbẹ̀, aago kékeré náà ní ayédèrú. Obìnrin náà tẹ bọ́tìnnì apá ọ̀tún, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. "CASIo" fara hàn lójú aago náà bí ó ti yẹ. Nítorí pé àwọn ayédèrú kan ti mọ àṣírí yìí, ó tún bá oníṣòwò náà ṣe àdéhùn pé òun lè dá a padà lọ́jọ́ kejì. Ilé-iṣẹ́ náà sọ pé kò yẹ kí aago yìí fi ju ìṣẹ́jú àáyá 30 yára tàbí falẹ̀ láàárín oṣù kan, èyí tí í ṣe ẹyọ kan lójúmọ́. Ó mú un bá ti fóònù rẹ̀ mu ní ọ̀sán gangan, ó sì tún wò ó ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ká ní ó ti fi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún yẹ̀ ni, ìyẹn ì bá di ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ láàárín oṣù kan, dídá padà ni ì bá sì tọ́ sí i. Kò yẹ̀ rárá. Owó rẹ̀ tó o, ó sì ṣẹ́kù.

Ohun kan ṣoṣo ni ó kìlọ̀ fún àbúrò rẹ̀ nígbà tí ó fún un: "Òjò lè pa á, ṣùgbọ́n má ṣe wọ̀ ọ́ lúwẹ̀ẹ́ nínú odò, má sì tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ nínú omi."

Bí ó bá ra oníwúrà náà ńkọ́? Ọmọ náà ì bá gbà á gbọ́, ì bá fi yangàn láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àgọ́ àwọn àgùnbánirọ̀, títí wúrà náà yóò fi bọ́ lójú gbogbo wọn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Kò tọ́ kí ẹ̀bùn ẹ̀gbọ́n di ìtìjú fún àbúrò. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.