Lẹ́tà Àwìn Fúláwà: Ẹ Má Tọrọ Ju Ohun Tó Há Lọ

 

Ọ̀kan nínú wa tó ní békìrì mú lẹ́tà kan wá bá wa. Ó ti kọ ọ́ sí alágbàtà tó ń ta fúláwà fún un, pé kó máa fún òun lọ́jà àwìn ọgbọ̀n ọjọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, alágbàtà ò fèsì. A ka lẹ́tà náà. "Ẹ ṣàánú mi" wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ṣùgbọ́n iye àpò tó fẹ́ àti ọjọ́ tó máa san, kò sí níbẹ̀. Lójú tiwa, alágbàtà yẹn ò rorò. Òun náà ń sanwó kí wọ́n tó kó ẹrù fún un. Kí ni kó wá dáhùn?

A ní, "Ìyá Oníbúrẹ́dì, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó." Àpò mẹ́wàá ló ń lò lọ́sẹ̀. Kí ìṣirò lè rọrùn, ẹ jẹ́ ká pe àpò kan ní ₦60,000. Ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ ₦600,000. Ohun tó rò pé òun ń tọrọ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ o! Tó bá gbẹ́rù lọ́jọ́ kìíní oṣù, á tún gbé lọ́jọ́ kẹjọ, ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ìkejìlélógún àti ìkọkàndínlọ́gbọ̀n, kí owó àkọ́kọ́ tó tó san. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún nìyẹn, àádọ́ta àpò, ₦3,000,000 lọ́rùn ẹnì kan. Alágbàtà ti ṣe ìṣirò yẹn, òun ni kò ṣe é.

A wá bi í pé, "Ta ló ń jẹ yín lówó?" Torí búrẹ́dì kì í pẹ́ nílẹ̀, kò yẹ kí owó rẹ̀ pẹ́. Ó ní búrẹ́dì àpò mẹ́fà, àwọn tó ń kiri ló ń gbé e, wọ́n sì ń dá owó padà lọ́jọ́ kejì. Búrẹ́dì àpò mẹ́rin ló ń lọ sí iléèwé méjì tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀, ìparí oṣù ni wọ́n sì ń sanwó. Ẹ ò rí i? Owó àpò mẹ́rin péré ló há. Kí ló ń fi àwìn ra mẹ́fà yòókù ṣe? Owó àwọn tó ń kiri á kàn di owó aṣọ ẹbí àti owó iléèwé ọmọ ni, ọjọ́ á pé, ọwọ́ á ṣófo.

Báyìí la ṣe bá a tún lẹ́tà náà kọ:

"Ọ̀gá wa, a kí yín. Àpò mẹ́wàá ni mo ń rà lọ́wọ́ yín lọ́sẹ̀, owó lọ́wọ́. Mo fẹ́ máa san owó mẹ́fà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ fún mi ní mẹ́rin láwìn ọgbọ̀n ọjọ́, nítorí iléèwé méjì tó ń sanwó níparí oṣù. Ọjọ́ tí ẹrù bá dé ọ̀dọ̀ mi ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí ka ọjọ́, iye ọjà ọjọ́ náà sì ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Kí gbèsè mi má ju ogún àpò lọ láé. Bí n kò bá san ti àkọ́kọ́ lọ́jọ́ tó pé, ẹ má gbé òmíràn fún mi láwìn. Bí iléèwé bá gba ìsinmi, n kò ní gba àwìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ iye tí ẹ máa fi lé e."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ iye ọjà ọjọ́ náà dáadáa. Òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà wa ti ń wá. Nígbà tí náírà já ní 2023, owó fúláwà ò dúró lójú kan. Bí ẹ ò bá kọ iye ọjọ́ tí ẹ gbẹ́rù, ìjà ń bọ̀ lọ́jọ́ ìsanwó.

Alágbàtà gbà. Ó fi ₦1,000 lé àpò kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ ₦4,000 lọ́sẹ̀, a sì ní kó fi í sínú owó búrẹ́dì iléèwé, torí àwọn ló ń fa àwìn náà. Àwọn kan nínú wa ní à bá bẹ̀ ẹ́ kó yọ ọ́. Àwa ò gbà. Owó ẹni tó wà níta fún oṣù kan ní iye tirẹ̀.

Ẹ̀rù kan ló kù: bí iléèwé bá falẹ̀ ńkọ́? Kó lọ sọ fún alágbàtà kí ọjọ́ tó pé ni o, kó sì mú díẹ̀ dání. Ẹni tó bá dúró títí wọ́n fi wá kan ilẹ̀kùn ti pẹ́ jù. Àwọn àgbà ní ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la. Mélòó wá ni ọgbọ̀n ọjọ́?

Ẹni tó bá fẹ́ kọ irú lẹ́tà yìí, kó mú ìwé ìṣirò rẹ̀ wá bá wa. Ká ka àpò kó tó kọ "ẹ jọ̀wọ́."

Àwa ni,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́