Ta Ló Ń Kí Mi?

Ó yẹ kí a dẹ́kun àṣà kan lórí fóònù. Nọ́ńbà tí n kò mọ̀ á pè mí nílé mi ní Kumasi. Màá ní, "Hẹ́lò." Ẹni náà á ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o! Ilé ńkọ́? Ọmọ ńkọ́?" Tí mo bá bèèrè pé ta ni, á ní, "Háà, ẹ ò dá ohùn mi mọ̀ mọ́?"

Àwọn kan á ní ìwà ọmọlúàbí nìyẹn. Rárá o. Ìkíni wa nílò ojú. Bí n kò bá mọ̀ bóyá ìyá ọ̀rẹ́ mi ni tàbí àbúrò mi, ṣé "ẹ" ni kí n fi dáhùn ni, àbí "o"? Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ àwọn Akan tí a jọ ń gbé. Bí obìnrin àgbà bá kí wọn, "yaa ẹna" ni wọ́n á fi dáhùn. Bí ẹgbẹ́ wọn bá kí wọn, "yaa nua" ni. Lórí fóònù, orúkọ ló ń ṣe iṣẹ́ ojú. Ẹni tó fi orúkọ pamọ́ tó sì ń kí mi ti gba ìdáhùn lẹ́nu mi.

Ibẹ̀ gan-an ni gbájúẹ̀ ń gbà wọlé. Ojú á tì ọ́ pé o kò dá ohùn rẹ̀ mọ̀, wàá ní, "Àbí Bùnmi ni?" Á ní, "Èmi náà ni!" Ìwọ lo sọ ọ́ lórúkọ. Tó bá wá ní kí o fi owó mómò ránṣẹ́ kíákíá, Bùnmi lo máa rò pé ò ń ràn lọ́wọ́. Nítorí náà, má ṣe bá ẹnikẹ́ni wá orúkọ. Pa fóònù náà, kí o sì pe Bùnmi sórí nọ́ńbà rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ, torí ẹni tó dárúkọ ara rẹ̀ pàápàá lè purọ́.

Ìdí ìpè náà kò gbọdọ̀ pẹ́. Bí àlejò bá dé ilé àwọn Àṣáńtí, wọ́n á fún un ní àga àti omi, lẹ́yìn náà wọ́n á bi í léèrè iṣẹ́ tó bá wá. Amaniẹ ni wọ́n ń pè é. Kódà ẹni tí wọ́n mọ̀ dáadáa máa ń sọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa á kí títí, ẹni tí a pè á máa rò pé ẹnìkan ti kú, owó ìpè á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí a tó ní, "Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ pè..."

Kí àgbà lẹ́ẹ̀kan, kí orúkọ sì tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀: "Ẹ kú ọ̀sán, mà. Fọlákẹ́ ni, ọmọ ìyá aláṣọ ní Kejetia. Mo fẹ́ bèèrè iye aṣọ tí ẹ mú lánàá. Ṣé ẹ ráyè?" Tó bá ráyè, ẹ lè wá kí ara yín dé orí ewúrẹ́ ilé. Ìròyìn òfò nìkan ni mo yọ sílẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù.