Ìrora Àyà Tó Ń Lọ Bí A Bá Jókòó

Tí ìrora bá mú ènìyàn láyà nígbà tó ń gun òkè, tó sì lọ bó ṣe jókòó, ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé, "Ó ti lọ, kò ṣe nǹkan kan." Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró sílé. Ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé lílọ tó ń lọ yẹn gan-an ni ẹ̀rí tó tọ́ka sí ọkàn.

Ká mú àgbẹ̀ ẹni ọdún 57 kan ní Wásinmi, tó ń ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti oko wá sí etí títì. Ó tó oṣù mẹ́ta tó ti ń rí i pé bí òun bá ti dé ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan báyìí, àárín àyà òun a fún pọ̀ bí ìgbà tí wọ́n gbé odó lé e. Ó ń ràn dé apá òsì, nígbà mìíràn dé párì. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó jókòó, kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, ara ti tù ú. Ní kẹ́mísì, wọ́n fún un ní oògùn ọgbẹ́ inú.

Àmọ́ oúnjẹ tàbí ebi ni ọgbẹ́ inú sábà máa ń tẹ̀ lé. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ilẹ̀ títẹ́jú àti òkè. Bó bá sì jẹ́ ẹran ara ló ń dun àgbẹ̀ náà, bí a bá tẹ ojú ibẹ̀, á dùn ún. Ìrora tirẹ̀ ń bá iṣẹ́ dé ni, ó sì ń bá ìsinmi lọ. Láti ọdún 1768 ni William Heberden, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ti ṣàpèjúwe irú rẹ̀ fún àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀: ó ń mú àwọn tó ń rìn, pàápàá tí wọ́n bá ń gun òkè lẹ́yìn oúnjẹ, ó sì ń pòórá tí wọ́n bá dúró. Áńjáínà ni orúkọ rẹ̀.

Ọkàn náà nílò ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Bí ọ̀rá bá ti lẹ̀ mọ́ inú àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún un, èyí tó ń kọjá lè tó o nígbà tí ènìyàn bá jókòó, ṣùgbọ́n kò ní í tó o nígbà tó bá ru ẹrù. Sìgá, àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọjọ́ orí ló sábà máa ń fà á.

Kì í ṣe iṣan dídí nìkan, síbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú lè mú kí ẹran ọkàn nípọn ju bó ti yẹ lọ, kó máa béèrè ju ohun tó ń rí gbà. Àìtó ẹ̀jẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn ọkàn tó fún náà lè ṣe é. Nítorí náà, ó yẹ kí dókítà wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àgbẹ̀ yìí, kó gbọ́ ìró ọkàn rẹ̀, kó sì yẹ iye ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà ara rẹ̀ wò. Wọ́n á tún lẹ wáyà mọ́ ọn láyà láti wo bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ibí yìí ni wọ́n ti ń ṣìnà jù: bó ti dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́, àyẹ̀wò yìí lè dára pátápátá, kí iṣan sì ti dí. Èsì tó dára kò pa ìtàn tó sọ rẹ́.

Báwo ló ṣe yẹ kó yára tó? Bí ìrora bá ń dé lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan náà láti oṣù mẹ́ta, tí kò yí padà, kí ó rí dókítà láàárín ọjọ́ díẹ̀, kó má dúró de ìgbà tí wọ́n bá ká kòkó tán. Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tàbí tó ń dé lẹ́mọ́lẹ́mọ́, ọjọ́ náà gan-an ni kó lọ. Bó bá wá dé nígbà tó jókòó, tàbí tí kò lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, pàápàá tí òógùn tútù, èébì tàbí àìlèmí dáadáa bá bá a rìn, kí wọ́n fi mọ́tò gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Kó má wa ọ̀kadà lọ fúnra rẹ̀. Bí ásípírín kò bá jẹ́ èèwọ̀ fún un, tí kò sì ní ọgbẹ́ inú tó ń ṣẹ̀jẹ̀, kó rún mílígíráàmù 300 lẹ́nu kó tó gbé e mì. Ọsibítù ní Ìkirè tàbí Àpòmù lè ṣe ìtọ́jú àkọ́kọ́. Ọ̀ràn tó le, Ilé-Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn ni, nítorí ibẹ̀ ni ọsibítù Yunifásítì wà.

Àwọn obìnrin àti alátọ̀gbẹ lè má ní ìrora rárá. Mímí lókèlókè àti àárẹ̀ lójijì lórí òkè lè jẹ́ tiwọn.

Bí wọ́n bá fún àgbẹ̀ náà ní oògùn abẹ́ ahọ́n, kó jókòó kó tó lò ó, nítorí ojú lè ṣú u. Kó má sì lò ó pọ̀ mọ́ oògùn agbára ọkùnrin bíi Fiágírà: ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ débi tó lè pa á. Kó máa ṣọ́ ibi tí ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà oko. Bí ìrora bá ń dé kó tó dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, ó lè jẹ́ pé iṣan ń dí sí i, dókítà sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ ní ọjọ́ yẹn.