Owó Ọjà Tí Wọ́n Pín Sí Mẹ́rin: Ta Ló Ń San Èlé Rẹ̀?

Àwọn ìyá àti àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń tajà ní Ọjà Igbó ń bi wá léèrè nípa ọ̀rọ̀ "gbé e lọ báyìí, san án díẹ̀díẹ̀" tó gbòde yìí. Àwọn kan ní ẹ̀ṣẹ̀ ni. Àwọn kan ní ìbùkún ni. Ní tiwa, a rò pé ká kọ́kọ́ mọ bí owó ṣe ń rìn nínú ẹ̀ ná, kí á tó pè é lórúkọ kankan.

Ọjà àwìn kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn bàbá wa ará Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri aṣọ láyé ijọ́un, ìyẹn àwọn tí à ń pè ní òṣómàáló, bí wọ́n ṣe tà á nìyẹn. O gba aṣọ lónìí, o ń san án díẹ̀díẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé tí o ò san, bàbá á wá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ, kò ní dìde títí owó á fi jáde. Ẹ kíyè sí ohun kan níbẹ̀: ẹni tó tajà náà ló ń dúró de owó. Bí oníbàárà bá sá lọ, òun ló jẹ gbèsè náà. Ìdí nìyẹn tí aṣọ àwìn fi máa ń wọ́n ju ti owó ọwọ́ lọ, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀.

Ti ayé òde òní yàtọ̀, torí ẹnì kẹta ti wọ àárín. Klarna bẹ̀rẹ̀ ní Sweden lọ́dún 2005, Afterpay bẹ̀rẹ̀ ní Australia lọ́dún 2014, ní Nàìjíríà tiwa náà a ní CredPal, Klump àtàwọn mìíràn. Ẹ jẹ́ ká mú firíìjì kan tí iye rẹ̀ jẹ́ ₦200,000. Oníbàárà dé ibi ìsanwó, yálà lórí fóònù ni o tàbí nínú ṣọ́ọ̀bù, ó yan pé òun fẹ́ san án lẹ́ẹ̀mẹrin. Ilé-iṣẹ́ tó wà láàárín á gba orúkọ, nọ́ńbà fóònù, BVN àti káàdì bánkì rẹ̀, á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lè san gbèsè. Tó bá gbà fún un, á yọ ₦50,000 àkọ́kọ́ nínú káàdì lójú ẹsẹ̀, á sì sọ fún onísọ́ọ̀bù pé, "A ti sanwó, ẹ gbé ọjà fún un." Oníbàárà gbé firíìjì lọ. Ìgbà mẹ́ta tó kù, ọ̀sẹ̀ méjìméjì ni lọ́dọ̀ Afterpay, ilé-iṣẹ́ á máa yọ ₦50,000 fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá pé.

Onísọ́ọ̀bù ńkọ́? Kì í gba owó tiẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin o! Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ṣì í gbọ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ilé-iṣẹ́ á san gbogbo owó náà sínú àkáǹtì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn tó bá ti yọ kọ́míṣọ̀n tirẹ̀. Ti Afterpay máa ń wà láàárín 4% sí 6%. Ẹ jẹ́ ká fi 5% ṣírò. Nínú ₦200,000, ₦10,000 lọ, ₦190,000 ló wọlé. Bí oníbàárà ò bá wá san ìyókù mọ́, wàhálà ilé-iṣẹ́ nìyẹn, onísọ́ọ̀bù ti gba tiẹ̀. Ìyẹn ni pé ₦10,000 náà ni ó fi ra ìsinmi, kò ní lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. A ò rí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo èrè o. Ká ní ₦180,000 ni arábìnrin wa ra firíìjì yẹn wá, ₦20,000 ni èrè rẹ̀. Kọ́míṣọ̀n ti gé e sí méjì. Ó ṣì jẹ èrè, bó bá jẹ́ pé láìsí ètò yìí oníbàárà ò ní rà á rárá. Ẹ wá gbé e lọ sórí àpò ìrẹsì. Ká sọ pé ó rà á ní ₦76,000, ó fẹ́ tà á ní ₦78,000. Èrè jẹ́ ₦2,000, kọ́míṣọ̀n 5% jẹ́ ₦3,900. Ó ti pàdánù ₦1,900 lórí àpò kan, bẹ́ẹ̀ ni èrò ń wọ́ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń yin Olúwa pé ọjà ń tà! Ọjọ́ tó bá fẹ́ lọ ra ìrẹsì mìíràn wá ni yóò mọ̀ pé owó ò pé mọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kì í ṣe gbogbo ọjà ni kí ẹ fi sí i. Ọjà tí èrè orí rẹ̀ bá fẹ̀ dáadáa, ẹ fi sí i. Ọjà oúnjẹ tí èrè rẹ̀ tín-ín-rín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Àwọn kan ti gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n kàn gbé iye ọjà sókè. Ọ̀pọ̀ àdéhùn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ni kì í gbà kí onísọ́ọ̀bù fi owó kún un fún ẹni tó san díẹ̀díẹ̀ nìkan, nítorí náà gbogbo ènìyàn ni wọ́n gbé e sókè fún. Màmá opó tó kó owó ọwọ́ rẹ̀ wá, tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, òun náà ti ń san nínú kọ́míṣọ̀n ẹni tó ń san lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ ò rí i pé ìyẹn ò dáa? Òṣómàáló kò fi aṣọ àwìn pamọ́ sínú iye aṣọ olówó ọwọ́. A mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ò ní fẹ́ràn ohun tí a sọ yìí, ṣùgbọ́n ibi tí a dúró sí nìyẹn: bó o bá lè jẹ kọ́míṣọ̀n náà nínú èrè tìrẹ, gba ètò náà, bí o ò bá lè jẹ ẹ́, fi í sílẹ̀.

Ó tún ku ẹ̀gbẹ́ kejì. Lọ́dọ̀ wa níbí, àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń gba èlé lọ́wọ́ oníbàárà fúnra rẹ̀. Ká ní ó san ₦60,000 sílẹ̀ lórí firíìjì yẹn, ó ku ₦140,000, wọ́n ní oṣù mẹ́ta, "èlé 5% péré lóṣù." Ìyẹn jẹ́ ₦7,000 lóṣooṣù, ₦21,000 lápapọ̀. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: lóṣù kẹta, owó firíìjì tó kù lọ́rùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí ₦47,000 lọ, síbẹ̀ ₦7,000 kan náà ni wọ́n ṣì ń gbà. Èlé oṣù yẹn ti di 15%! Torí náà, ẹ má bi wọ́n ní "èlélòó lóṣù." Ẹ bi wọ́n pé, "Tí mo bá san tán, èló ni gbogbo ẹ̀ á jẹ́?" Kí ẹ sì bi wọ́n pé èló ni ìtanràn bí káàdì bá ṣófo lọ́jọ́ tó pé. Ẹ ṣọ́ra fún ọjà dídá padà pẹ̀lú, nítorí bí onísọ́ọ̀bù bá ti gba firíìjì padà àmọ́ tí kò sọ fún ilé-iṣẹ́, wọ́n á máa yọ owó lọ nínú káàdì rẹ ni. Ẹ gba ìwé tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ tó fi hàn pé wọ́n ti fagi lé e.

Kí ẹ tó tẹ BVN yín fún ẹnikẹ́ni, ẹ wo orúkọ wọn lórí ìkànnì FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, níbi tí wọ́n ń to orúkọ àwọn ayánilówó orí fóònù tí wọ́n fọwọ́ sí.

Ẹ̀yin onísọ́ọ̀bù tó ti wà nínú ètò yìí, ẹ mú àkọsílẹ̀ owó tó wọ àkáǹtì yín lóṣù tó kọjá wá lẹ́yìn ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì ọjọ́ Ìṣẹ́gun, pẹ̀lú iye tí ẹ fi ra ọjà kọ̀ọ̀kan wá. A ó jókòó ṣírò rẹ̀ pọ̀.