Ta Ni Ń San Owó Iṣẹ́ Àṣálẹ́ Akọ̀ròyìn?

Kì í ṣe ohun tuntun mọ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ ìwé-ìròyìn wa pé kí akọ̀ròyìn máa gba iṣẹ́ mìíràn ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti fi ọ́fíìsì sílẹ̀. Ọ̀kan ń bá ilé-ìwé tún ìwé àjọ̀dún wọn ṣe, òmíràn ń bá ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan kọ ọ̀rọ̀ tí yóò sọ níbi ìpàdé. Owó oṣù kì í tètè jáde, onílé kò sì ní sùúrù. Agbanisíṣẹ́ tí ó bá ní kí òṣìṣẹ́ òun má ṣe iṣẹ́ àfikún rárá, kí ó kọ́kọ́ san owó oṣù tí ó jẹ ẹ́ ná.

Ṣùgbọ́n àwíjàre tí ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn fi ń gbèjà ara wọn kò mọ́gbọ́n wá. Wọ́n á ní, "Àsìkò tèmi ni mo fi ṣe é, n kò fi ti ọ́fíìsì ṣe é." Bí ẹni pé aago ni ọ̀rọ̀ náà dá lé! Ẹni tí ń sanwó ni kí á wò.

Ká ní olóòtú fi akọ̀ròyìn kan sí ìdí ìròyìn báńkì. Ní òpin ọ̀sẹ̀, báńkì kan gbé iṣẹ́ fún un pé kí ó kọ ìwé kékeré kan nípa ìtàn wọn, wọ́n sì san ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ náírà (₦150,000). Iṣẹ́ gidi ni, ó ṣe é dáadáa, kò jí ohunkóhun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn oníbàárà báńkì náà pariwo pé owó ń pòórá nínú àkáǹtì àwọn. Olóòtú rán akọ̀ròyìn yìí kan náà lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ẹnikẹ́ni nínú báńkì kò bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bo nǹkan kan mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, báńkì ni ó kọ́kọ́ pè. Àlàyé báńkì wà ní ìpínrọ̀ kìíní, ẹkún obìnrin tí owó ọjà rẹ̀ sọnù sì di ìpínrọ̀ keje, níbi tí olóòtú máa ń gé nígbà tí àyè bá há. Kò parọ́ kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ bí a ṣe ń to ìròyìn yóò rí ọwọ́ báńkì nínú rẹ̀.

Ìlànà ìwà àwọn akọ̀ròyìn Nàìjíríà, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní Ìlọrin lọ́dún 1998, lòdì sí gbígba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ láti tẹ ìròyìn jáde tàbí láti tẹ̀ ẹ́ rì. Gbogbo ènìyàn mọ owó inú àpòòwé, ojú sì máa ń ti ẹni tí ó bá gbà á. Owó iṣẹ́ òótọ́ ni ó léwu jù, nítorí ojú kì í ti ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.

Kí wá ni ṣíṣe? Kí akọ̀ròyìn tó gba iṣẹ́, kí ó béèrè ẹni tí yóò lo iṣẹ́ náà gan-an. Àwọn alágbàṣe ìpolówó máa ń gbé iṣẹ́ wá láìdárúkọ oníbàárà wọn. Báńkì lè wà lẹ́yìn wọn. Bí oníṣẹ́ bá jẹ́ ẹni tí akọ̀ròyìn náà ń kọ ìròyìn nípa rẹ̀, tàbí tí ó lè kọ nípa rẹ̀ láìpẹ́, kí ó kọ̀ ọ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó kọ lẹ́tà sí olóòtú ṣáájú: orúkọ oníṣẹ́, irú iṣẹ́, ìgbà tí yóò parí, àti pé òun kò ní kọ ìròyìn kankan nípa oníṣẹ́ náà. Kí ó tọ́jú ẹ̀dà kan. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kò sì gbọdọ̀ bá wọn dá sí i, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà fóònù tí ó rí gbà lẹ́nu iṣẹ́ ìròyìn. Ìwé àjọ̀dún ilé-ìwé yóò kọjá nínú àyẹ̀wò yìí wẹ́rẹ́, àyàfi fún ẹni tí ń kọ ìròyìn ètò ẹ̀kọ́.

(Ti òṣìṣẹ́ rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n ìjọba yàtọ̀. Àfikún Karùn-ún nínú ìwé òfin ọdún 1999 kò gba òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ń ṣiṣẹ́ ní kíkún láyè láti máa darí òwò tàbí iṣẹ́ àdáni kankan, àfi iṣẹ́ àgbẹ̀. Lẹ́tà sí ọ̀gá kò lè yí ìyẹn padà.)

Àwọn oníléeṣẹ́ náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ mìíràn rárá, wọ́n sì mọ̀ pé ìdajì yàrá ìròyìn ń ṣe é. Nítorí pé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kà léèwọ̀, ẹni tí ń ṣe èyí tí kò léwu ń fi í pamọ́ bí ẹni tí ń ṣe èyí tí ó léwu. Olóòtú tí ó rán akọ̀ròyìn lọ sí báńkì ní ọjọ́ Ajé yẹn kò mọ ohunkóhun. Ìwé tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè sọ fún un.