Ọwọ́ Aago Tó Ń Yọ̀ Kò Sọ Aago Di Ojúlówó

Láti Ìdúmọ̀tà dé Jánkárà, títí wọ inú Ìsàlẹ̀ Èkó, òfin kan ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ra aago ọwọ́: bí ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá rẹ̀ bá ń fò, ayédèrú ni, bí ó bá ń yọ̀ lọ wọ́ọ́rọ́, ojúlówó ni. Òfin náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àwọn tó ń ta ayédèrú ló sì ń jẹ èrè rẹ̀.

Irú ẹ̀rọ inú aago ni ìrìn ọwọ́ rẹ̀ ń sọ, kò sọ ẹni tó ṣe é. Nínú aago oníbátìrì, iná bátìrì ń mú òkúta kuọ́ọ̀sì kékeré kan gbọ̀n ní ìgbà 32,768 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ̀rọ á kà á tán, á sì sún ọwọ́ aago lẹ́ẹ̀kan. Aago onísípíríǹgì kò ní bátìrì. Ọwọ́ tirẹ̀ sábà máa ń gbé ìṣísẹ̀ 6 tàbí 8 láàárín àkókò kan náà, ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé ó ń yọ̀. Ilé iṣẹ́ Séíkò ló kọ́kọ́ gbé aago ọwọ́ oníkuọ́ọ̀sì sọ́jà, ní Tókíò, lọ́jọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 1969. Ṣé ayédèrú ni ìyẹn náà? Bẹ́ẹ̀ ayédèrú Rólẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi ẹ̀rọ onísípíríǹgì olówó pọ́ọ́kú sí nínú ń yọ̀ geere, ó sì ń gba òfin ọjà yìí kọjá láìsí ìyọnu.

Ohun tó yẹ kí olùrà wò ni bóyá ọ̀rọ̀ ara aago bá ìṣe rẹ̀ mu. Ẹ mú Séíkò 5, tó ti wà láti ọdún 1963. Aago onísípíríǹgì tí mímì apá ń wé ni. Bí wọ́n bá kọ 7S26, nọ́ńbà ẹ̀rọ, sẹ́yìn rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń fò lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá, irọ́ ni. Nọ́ńbà mìíràn tún wà níbẹ̀, oníhòóho mẹ́fà: èyí àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí ìparí ọdún tí wọ́n ṣe é, ìkejì sí oṣù. 342107 jẹ́ ti oṣù Kẹrin ọdún tó parí sí 3. Bí aago méjì lórí àtẹ kan bá jọ ní nọ́ńbà kan náà, kò sí ohun tó kù láti bi apàtẹ.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi yíyára tàbí fífà sẹ́yìn díẹ̀ dájọ́. Ojúlówó onísípíríǹgì lè fi ìṣẹ́jú-àáyá bíi 20 yára lóòjọ́, nígbà tí oníbátìrì olówó kékeré á lo oṣù kan kó tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ayédèrú tó gbọ́n lè da nọ́ńbà gidi kọ. Ibẹ̀ ni kí aláàgo ti ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó wò bóyá orúkọ Séíkò àti 7S26 wà lára ẹ̀rọ, kí owó tó kúrò lápò. Apàtẹ á ní ṣíṣí á jẹ́ kí omi wọlé. Òótọ́ ni, bí wọn kò bá dé e padà dáadáa. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ iṣẹ́ aláàgo tó ní irinṣẹ́, kì í ṣe ti ọ̀bẹ orí àtẹ.